Omi Inú àti Omi Ẹ̀bá: Kíka Egungun, Afẹ́fẹ́ àti Omi nínú Àwòrán Ẹ́kísíréè Àyà

1. Ìfáárà

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń yá ògbufọ̀ lẹ́nu nígbà tí oníṣègùn bá ti wo àwòrán ẹ́kísíréè àyà tán, tí ó sì ní kí a sọ ohun tí òun rí fún aláìsàn. Gbólóhùn náà ni: “Omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró yín.” Ó rọrùn láti sọ, ó sì yé ẹni gbogbo. Ṣùgbọ́n àìsàn méjì tí kò jọra ni gbólóhùn kan yìí lè tọ́ka sí. Nínú èkíní, omi kóra jọ láàrin awọ méjì tí ó wà ní ẹ̀yìn òde ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn awọ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ àti awọ tí ó tẹ́ inú ògiri àyà. Nínú èkejì, omi ti wọ inú àwọn àpò kéékèèké tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa wọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. A lè fi abẹ́rẹ́ fa omi èkíní jáde láti ẹ̀gbẹ́ àyà. Kò sí abẹ́rẹ́ tí ó lè fa èkejì. Aláìsàn tí a sọ fún pé omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí a sì tún sọ fún pé a óò ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lè rò pé ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni a fẹ́ gún. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí bí ó bá kọ̀.

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti fi hàn pé àwòrán náà fúnra rẹ̀ ya omi méjèèjì sọ́tọ̀, àti pé ẹni tí ó bá mọ bí funfun, dúdú àti àwọ̀ eérú ṣe ń dé orí àwòrán náà yóò lè yan ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Ibi tí funfun àti dúdú ti ń wá

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ṣàkíyèsí ìtànṣán yìí ní ìlú Würzburg. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi í ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, nínú èyí tí egungun ìka àti òrùka hàn gbangba. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán náà kò yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán àyà. Ìtànṣán gba inú ara kọjá láti ìhà kan, fíìmù sì wà ní ìhà kejì. Èròjà fàdákà ni a fi kun fíìmù náà. Ibi tí ìtànṣán bá ti bà á a máa di dúdú nígbà tí a bá fọ̀ ọ́. Ibi tí ìtànṣán kò bá dé kì í dúdú, nítorí náà bí a bá gbé fíìmù kọ́ iwájú àpótí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a là á kọjá, a ó sì rí i bí ohun funfun. Ní òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń gba àwòrán dípò fíìmù ní ilé ìwòsàn púpọ̀, ṣùgbọ́n àṣà náà kò yí padà: ohun tí ó dí ìtànṣán lọ́nà ni funfun, ohun tí ó jẹ́ kí ó kọjá ni dúdú.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan ti lè ṣi òǹkàwé lọ́nà. Àwọn tí ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn lè fẹ́ pe ibi funfun lórí àwòrán ní “òjìji”, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún òjìji ni àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ṣùgbọ́n òjìji tí Yorùbá mọ̀ dúdú. Igi dí oòrùn lọ́nà, òjìji rẹ̀ sì ṣókùnkùn lórí ilẹ̀. Lórí fíìmù, egungun dí ìtànṣán lọ́nà, ibi tí ó wà sì funfun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé “òjìji wà ní ìsàlẹ̀ àyà” yóò máa wá ibi dúdú kiri, afẹ́fẹ́ ni yóò sì bá níbẹ̀ dípò omi. Ó sàn kí a sọ pé “ibi funfun” tàbí “ibi tí ó dí ìtànṣán”.

Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí nǹkan ṣe ń dí ìtànṣán tó. Èkíní ni bí nǹkan náà ṣe ki tó. Omi fi nǹkan bí ìlọ́po 800 ki ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ni afẹ́fẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má dí ohunkóhun. Èkejì ni irú átọ́ọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù tí ó wà nínú egungun ní nọ́ńbà átọ́ọ̀mù 20, ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù nínú omi ní 8, bí nọ́ńbà yìí bá sì ti ga tó ni ó máa ń gbé ìtànṣán mì tó. Ẹ̀kẹta ni bí nǹkan náà ti nípọn tó ní ojú ọ̀nà ìtànṣán.

Láti inú èyí ni ìpele ìdínà márùn-ún ti jáde, bí ẹni ń gun àkàbà. Afẹ́fẹ́ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, dúdú ni. Ọ̀rá tẹ̀ lé e, eérú tí ó ṣókùnkùn ni. Omi ni ó wà ní àárín, eérú tí ó mọ́lẹ̀. Egungun wà lókè rẹ̀, ó funfun. Irin ni ó wà lókè pátápátá, ó funfun ju egungun lọ. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn jù lọ ni pé omi nìkan kọ́ ni ó wà ní ìpele omi. Ẹ̀jẹ̀, ọyún, iṣan, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ojú kò lè fi àwọ̀ ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọyún, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi í ya ọkàn sọ́tọ̀ kúrò lára omi tí ó yí i ká.

3. Ààlà àti ìparẹ́ rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ó jẹ́ kí a máa rí ọkàn nínú àwòrán àyà? Kì í ṣe àwọ̀ ọkàn ni ó jẹ́ kí a rí i, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí ó fara tì í. Ibi tí ìpele méjì bá ti pàdé ni ojú ti ń rí ìlà. Ọkàn pàdé ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ni pé ìpele omi pàdé ìpele afẹ́fẹ́, ààlà sì hàn ketekete. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọkàn fi ara kan iṣan tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn, ẹ̀dọ̀ sì wà lábẹ́ iṣan náà. Mẹ́ta wọn jọ wà ní ìpele kan, nítorí náà kò sí ìlà kankan láàrin wọn.

Ní ọdún 1950 ni Benjamin Felson àti Henry Felson ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé òfin yìí jáde gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìwádìí. Bí ààlà tí ó yẹ kí ó hàn bá pòórá, a jẹ́ pé ohun kan tí ìpele ìdínà rẹ̀ dọ́gba ti gba ipò afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà náà. “Ìparẹ́ ààlà” ni orúkọ tí ó bá èyí mu ní Yorùbá. Ohun tí ó ń sọ fún òǹkàwé ju ibi tí funfun wà lọ. Ó ń sọ ohun tí funfun náà fara kàn.

4. Ohun tí a ń yẹ̀ wò kí a tó máa kàwé

Àwòrán tí a fi ìdúró yà, tí ìtànṣán gba ẹ̀yìn wọlé tí fíìmù sì wà níwájú àyà, ni ó dára jù fún ẹ̀kọ́ yìí. Nǹkan bí mítà 1.8 ni ó máa ń wà láàrin ẹ̀rọ àti fíìmù, kí ọkàn má baà tóbi ju bí ó ti yẹ lọ lójú. A máa ń ka àwòrán bí ẹni pé aláìsàn kọjú sí òǹkàwé, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún aláìsàn wà ní ọwọ́ òsì òǹkàwé. Lẹ́tà R tàbí L tí ayàwòrán fi sí orí fíìmù ni ẹ̀rí èyí. Kò yẹ kí a fi ibi tí ọkàn wà ṣe ẹ̀rí, nítorí pé àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí a bí pẹ̀lú ọkàn tí ó kọrí sí ọ̀tún.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá aláìsàn fa èémí sínú dáadáa. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó lè ka egungun ìhà ti ẹ̀yìn tó 9 tàbí 10 lókè iṣan ààlà náà. Èémí tí kò tó a máa mú kí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró fún pọ̀, kí ó sì funfun láìsí àìsàn. Ó sì yẹ kí egungun ẹ̀yìn hàn fírífírí láti ẹ̀yìn ọkàn. Bí kò bá hàn rárá, ìtànṣán kò tó. Bí ó bá hàn jù, tí ẹ̀dọ̀fóró sì dúdú bí èédú, ìtànṣán ti pọ̀ jù, omi díẹ̀ sì lè ti fara pamọ́ sínú dúdú náà.

Nínú àyà tí kò ní àìsàn, ẹ̀dọ̀fóró kì í dúdú kọjá àlà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń ya ẹ̀ka nínú rẹ̀ bí igi, wọn a sì máa tín-ín-rín bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Iṣan ààlà rí bí òrùlé ribiti méjì, ti ọ̀tún sábà máa ń ga ju ti òsì lọ díẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tí òrùlé yìí ti pàdé ògiri àyà, igun kan wà tí ó mú bí ẹnu ọ̀bẹ, dúdú ni nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró wọ inú rẹ̀. Igun ìhà ni a ó máa pè é. Lábẹ́ òrùlé ti òsì, a máa ń rí dúdú kan tí ó jẹ́ afẹ́fẹ́ inú àpòlúkù.

5. Àpẹẹrẹ kan

Kí a gbà pé àwòrán kan wà lórí àpótí ìmọ́lẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà ni ó ni ín. Ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mímí sì ń ni ín lára. Ìdúró ni a fi ya àwòrán náà, lẹ́tà R wà ní ọwọ́ òsì òǹkàwé, egungun ìhà 9 sì ṣeé kà ní apá òsì aláìsàn.

Apá òsì náà pé. Igun ìhà rẹ̀ mú, òrùlé iṣan ààlà rẹ̀ hàn, afẹ́fẹ́ àpòlúkù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ àyà ti di eérú tí ó mọ́lẹ̀, ó sì dọ́gba láti ibì kan dé ibì kejì. Igun ìhà kò sí mọ́. Etí òkè eérú náà ga ní ẹ̀gbẹ́ ògiri àyà, ó sì rọ wá sílẹ̀ bí ó ti ń sún mọ́ àárín.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìpele wo ni ibi yìí wà. Egungun ìhà ṣì hàn nínú rẹ̀, wọ́n funfun jù ú lọ. Nítorí náà kò tó ìpele egungun. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró kò hàn nínú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpele omi ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà. Ohun tí ó pa wọ́n rẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú wọn. Òrùlé iṣan ààlà ti ọ̀tún ti pòórá, nítorí pé ẹ̀dọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ohun tí ó wà lókè rẹ̀ ti di ìpele kan. Ìparẹ́ ààlà ni èyí. Ìpele omi ni a wà.

Ìbéèrè kejì ni pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni tàbí ẹ̀bá rẹ̀. Ìrísí etí òkè ni yóò dáhùn. Ó lè dà bí ẹni pé omi ń gun ògiri àyà, ṣùgbọ́n omi kì í gun òkè. Kí òǹkàwé ronú nípa àgbọn tí a là. Ẹran àgbọn funfun yí inú rẹ̀ ká ní ìpele tín-ín-rín. Bí a bá lè wo àgbọn tí a kò là láti iwájú dé ẹ̀yìn, ojú tí ó gba àárín kọjá yóò la ẹran náà kọjá ní ẹ̀ẹ̀mejì péré, níwájú àti lẹ́yìn bí ẹni gún un. Ṣùgbọ́n ojú tí ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá yóò máa rìn nínú ẹran náà fún ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi ṣe yí ẹ̀dọ̀fóró ká. Ìtànṣán tí ó gba ẹ̀gbẹ́ àyà bá omi púpọ̀ pàdé, ibẹ̀ sì funfun. Èyí tí ó gba àárín bá omi tín-ín-rín pàdé níwájú àti lẹ́yìn, ibẹ̀ kò sì funfun tó. Nítorí náà, etí tí ó ga ní ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé omi yí ẹ̀dọ̀fóró ká. Ẹ̀bá ni ó wà.

Ìbéèrè kẹta ni bí ó ti pọ̀ tó. Nínú àwòrán tí a fi ìdúró yà báyìí, omi a máa tó nǹkan bí mílílítà 200 kí igun ìhà tó kú. Ohun tí ó wà nínú àpẹẹrẹ yìí ju ìyẹn lọ dájúdájú. Bí a bá ya àwòrán láti ẹ̀gbẹ́, omi tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ yóò hàn ní igun ẹ̀yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni ó jìn jù. Ọ̀nà èémí ọkùnrin yìí ṣì wà ní àárín. Bí omi bá pọ̀ gan-an, yóò tì í lọ sí òdì kejì.

6. Ohun tí ó lè jọ ọ́

Bí ó bá jẹ́ pé inú àpò afẹ́fẹ́ ni omi tàbí ọyún wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú òtútù àyà, àwọ̀ kan náà ni ojú yóò rí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka ọ̀nà èémí lè ṣì ní afẹ́fẹ́ nínú nígbà tí àpò tí ó yí wọn ká ti kún. Wọn a wá hàn bí ẹ̀ka igi dúdú nínú pápá funfun. Ẹ̀ka dúdú báyìí jẹ́ àmì pé ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni ó funfun. Nínú àìsàn ọkàn tí omi fi ń jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, funfun náà a máa wà ní ọ̀tún àti òsì, a sì máa pọ̀ lápá àárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Àìsàn ọkàn kan náà sì lè kó omi jọ sí ẹ̀bá pẹ̀lú, nítorí náà òǹkàwé gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kejì fún ibi funfun kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ̀dọ̀fóró bá rọ̀ jọ nítorí pé ohun kan dí ọ̀nà èémí rẹ̀, òun náà a funfun. Ọ̀nà èémí gbogbogbòò ni yóò sọ ìyàtọ̀. Omi púpọ̀ ń tì í lọ, ẹ̀dọ̀fóró tí ó rọ̀ ń fà á mọ́ra.

Bí etí òkè funfun bá tẹ́ gbọọrọ bí ojú omi inú àgbá, tí kò ga ní ẹ̀gbẹ́ kankan, afẹ́fẹ́ ti wọlé wá bá omi. Omi nìkan kì í ya ìlà títẹ́ báyìí ní ẹ̀bá ẹ̀dọ̀fóró. “Ojú omi títẹ́” ni ó yẹ kí a pe èyí, kí a má sì dà á pọ̀ mọ́ etí tí ó ga.

Bí a bá fi ìdùbúlẹ̀ ya àwòrán, gbogbo àmì wọ̀nyí lè sọnù. Omi a ṣàn lọ sí ẹ̀yìn, a tẹ́ bí aṣọ, gbogbo apá náà a sì di eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣì ń hàn láàrin rẹ̀. Igun ìhà lè má kú rárá.

7. Àwòrán tí a tún fi kámẹ́rà yà

Ní òde òní, a máa ń gbé fíìmù kọ́ fèrèsé, a sì máa ń fi fóònù yà á láti fi ránṣẹ́ sí oníṣègùn tí ó jìnnà. Ohun mẹ́ta ni ó ń bàjẹ́ níbẹ̀. Kámẹ́rà a máa fi gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó rí díwọ̀n. Bí ojú ọ̀run tàbí etí àpótí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù, yóò mú gbogbo àwòrán ṣókùnkùn, ìyàtọ̀ láàrin eérú méjì tí ó sún mọ́ra yóò sì parẹ́. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tàbí ti gílóòbù inú ilé tí ó dán lórí fíìmù. Funfun ni yóò hàn, a sì lè rò pé inú àyà ni ó wà. A ó dá a mọ̀ nítorí pé yóò gba orí egungun àti ẹ̀dọ̀fóró kọjá láìbọ̀wọ̀ fún ààlà kankan, yóò sì ṣí kúrò bí a bá yí ibi tí a dúró sí padà. Ẹ̀kẹta ni pé fíìmù ṣeé kọ́ ní ẹ̀yìn fún iwájú. Bí a bá rí R tàbí L tí ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ọ̀tún ti di òsì. Abẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó wọ ẹ̀gbẹ́ kan lè wọ èkejì. Nítorí náà, kí a pa ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà, kí a fi páálí dúdú bo gbogbo etí tí ó ń tàn, kí lẹ́tà náà sì wà nínú àwòrán tí a ó fi ránṣẹ́.

8. Ìkádìí

Àwọ̀ eérú lè sọ ìpele, ìrísí àti ààlà lè sọ ibi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè sọ orúkọ omi náà. Omi tí ikọ́ ife fà, ọyún, àti ẹ̀jẹ̀ tí jàǹbá fà rí bákan náà lórí àwòrán. Ohun tí abẹ́rẹ́ bá fà jáde ni yóò sọ ọ́. Ògbufọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ náà.

Fún omi tí ó wà láàrin awọ méjì, “omi ẹ̀bá ẹ̀dọ̀fóró” ni iṣẹ́ yìí dábàá. Fún èyí tí ó wọ àpò afẹ́fẹ́, kí a fi “omi inú ẹ̀dọ̀fóró” sílẹ̀ fún un nìkan. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ti gbọ́ ẹ̀bá odò àti ẹ̀bá ọ̀nà rí kò nílò àlàyé. Bí a bá sì sọ fún ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa pé omi wà ní ẹ̀bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá ọ̀tún, àti pé láàrin egungun ìhà ni abẹ́rẹ́ yóò gbà dé ibi tí omi náà wà, yóò lè fojú inú wo ohun tí a fẹ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ sí i.